Ìwé ìbéèrè PHQ-9 ní èdè Yorùbá: ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà túmọ̀ rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé ìbéèrè PHQ-9 ṣe àyẹ̀wò ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín àwọn tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú ní ìpinnu kan láti ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kankan, ìyẹn ni ọ̀nà tí yóò gbà sọ ìwé náà di Yorùbá. Kroenke, Spitzer àti Williams ni wọ́n gbé ìwé ìbéèrè yìí jáde ní ọdún 2001. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń wádìí bí iye ọjọ́ tí ohun kan fi yọ ènìyàn lẹ́nu ti pọ̀ tó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò lè ju 27 lọ, máàkì 10 sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe ààlà: ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A kì í sanwó kí a tó lò ó, a kì í sì tọrọ àṣẹ kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó jẹ́ kí oríṣiríṣi ẹ̀dà rẹ̀ wà nílẹ̀, tí òmíràn kò sì ní ju ọ̀sán kan lọ lórí tábìlì ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: títúmọ̀ àti títú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọ̀nà ìpele-ìpele tí ó ní ìgbìmọ̀ àti ìdánwò nínú, ọ̀nà ìgbìmọ̀ tí kò ní ìtúpadà, àti mímú ẹ̀dà tí ó ti wà nílẹ̀ lò.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni ìbádọ́gba èrò, èyíinì ni pé kí ohun tí ìbéèrè náà ń wá lọ́kàn ẹni tí ó gbọ́ ọ ní Yorùbá jẹ́ ohun kan náà tí ó ń wá lọ́kàn ẹni tí ó gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Èkejì ni irú àṣìṣe tí ọ̀nà náà lè rí fúnra rẹ̀ kí ìwé tó dé ọwọ́ aláìsàn. Ẹ̀kẹta ni iye ènìyàn àti iye ọjọ́ tí yóò gbà, nítorí ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí yóò gba àbájáde rẹ̀ wọlé, láti orí ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwádìí wò títí dé orí nọ́ọ̀sì tí yóò máa kà á sókè fún aláìsàn.

Ìbádọ́gba èrò kò ṣeé wọ̀n lórí òfìfo. Nítorí náà mo mú ìbéèrè mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án, tí ìtúmọ̀ wọn sábà máa ń ní ọ̀fìn nínú, kí a lè máa wo bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe máa kọjá lórí wọn.

Ìbéèrè kìíní ń wádìí bóyá nǹkan kò wu ènìyàn ṣe, tí inú rẹ̀ kò sì dùn sí wọn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ìfẹ́ náà kéré. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ yóò kọ “níní ìfẹ́ tàbí ìgbádùn díẹ̀ nínú ṣíṣe nǹkan”. Ní etí Yorùbá, ẹni tí ó ní ìfẹ́ díẹ̀ ní nǹkan lọ́wọ́, kì í ṣe pé ó pàdánù nǹkan. Ìyá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ọjà rẹ̀ ń wù ú díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, lè dáhùn tọkàntọkàn pé ojoojúmọ́ ni, yóò sì gba máàkì 3 níbi tí 0 tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà “ìgbádùn” tún ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀, nítorí pé owó àti fàájì ni ó ń mú wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òtòṣì lè sọ pé òun kò mọ ìgbádùn rí, kí ó má sì sí ìrẹ̀wẹ̀sì kankan lọ́kàn rẹ̀.

Ìbéèrè kẹjọ ń bèèrè bóyá ìrìn tàbí ọ̀rọ̀ ènìyàn ti falẹ̀ débi tí àwọn ẹlòmíràn fi lè ṣàkíyèsí, tàbí òdìkejì rẹ̀, kí ara rẹ̀ má balẹ̀, kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sẹ́nu atúmọ̀ ni “jẹ́jẹ́” tàbí “pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́”. Ṣùgbọ́n ìyìn ni “ẹni jẹ́jẹ́” jẹ́ láàárín wa. Bí a bá bi bàbá àgbàlagbà kan bóyá ó ń rìn, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ó sọ pé bí wọ́n ṣe tọ́ òun dàgbà nìyẹn.

Ìkẹsàn-án ni ó gba ìṣọ́ra jù. Ohun méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀: èrò pé ì bá sàn kí ènìyàn ti kú, àti èrò láti ṣe ara ẹni léṣe. Ní apá kìíní, bí atúmọ̀ bá kọ “ikú sàn ju ayé lọ”, ó ti tọ́ òwe jí. Yorùbá tí ó ní ikú yá ju ẹ̀sín kì í sọ pé ó wu òun láti kú. Ohun tí ó ń sọ ni ìwà ọmọlúàbí, ẹni tí ó bá sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lórí ìlànà yẹn yóò di ẹni tí a gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ní kíákíá láìnídìí. Ní apá kejì, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó wà láàárín “pa ara yín lára” àti “pa ara yín”, bí ó bá sì já bọ́ nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé, ìbéèrè náà ti yí padà pátápátá.

Ọ̀nà kìíní: títúmọ̀ àti títú u padà

Ẹnì kan túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Olùwádìí wá fi Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì wéra, ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni yóò tún ṣe. Brislin ni orúkọ rẹ̀ máa ń wá sílẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí, nítorí àpilẹ̀kọ tí ó gbé jáde ní ọdún 1970, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí òun fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ní orúkọ rẹ̀ lọ: ó fẹ́ kí a máa tún un ṣe léraléra, kí a sì dán ìwé náà wò lára àwọn tí yóò dáhùn rẹ̀.

Ní ti owó, nínú àwọn ọ̀nà tí a fi ń túmọ̀ ìwé náà fúnra wa, kò sí èyí tí ó rọrùn tó o. Ènìyàn méjì àti ọ̀sẹ̀ kan tó. Ìgbìmọ̀ ìwádìí mọ̀ ọ́n dáadáa, olùdarí iṣẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ìbéèrè tí wọ́n fò. Ó dára fún rírí àṣìṣe tí ó hàn gbangba: nọ́ńbà tí ó yí padà, “kò” tí ó sọnù, “lára” tí ó já bọ́ nínú ìbéèrè kẹsàn-án.

Níbi tí ó ti kùnà ni pé ó ń fìyà jẹ ìtúmọ̀ rere, ó sì ń yin ìtúmọ̀ burúkú. Ẹ wo ìbéèrè kìíní. “Níní ìfẹ́ tàbí ìgbádùn díẹ̀ nínú ṣíṣe nǹkan” yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ tí ó fi kúrò níbẹ̀, olùwádìí yóò sì fi àmì pé ó dára sí i. Bí atúmọ̀ bá jẹ́ ẹni tí ó mọ èdè, tí ó kọ “Àwọn nǹkan tí ẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò wù yín ṣe mọ́, tàbí inú yín kì í dùn sí wọn mọ́”, Gẹ̀ẹ́sì tí yóò padà wá yóò ní “tẹ́lẹ̀” àti “mọ́” nínú, tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Olùwádìí tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ yóò ní kí wọ́n lọ tún un ṣe. Bákan náà ni “jẹ́jẹ́” yóò padà di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí kò yára, ìyìn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì dúró sílé.

Ohun mìíràn tún wà tí ìtúpadà kò lè rí láéláé. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín “o” àti “ẹ”. Ìwé tí ó ń pe ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ní “o” yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìní àléébù, nígbà tí ìyá náà ti bínú láti orí ìbéèrè kìíní. Bí a bá sì yan “ẹ”, a gbọ́dọ̀ rántí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tún ń tọ́ka sí. Ní ìbéèrè kẹfà, tí ó ń sọ nípa jíjá ara ẹni tàbí ẹbí kulẹ̀, àwọn kan lè máa dáhùn fún gbogbo ilé wọn. Gbólóhùn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, “ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí nìkan ni mo ń bi”, lè tán ìṣòro yẹn.

Ẹni tí yóò tú ìwé padà náà tún jẹ́ ìṣòro lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti rí ní ibòmíràn lọ. Ìlànà fẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, tí ó sì gbọ́ Yorùbá. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a sábà máa ń rí ni ọmọ Yorùbá tí ó kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, òun sì máa ń rí Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lẹ́yìn Yorùbá náà. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ ìhùwàsí, ó ṣeé ṣe kí ó ti mọ PHQ-9 sórí, ohun tí ó sì rántí ni yóò kọ fún wa. Ìtúpadà tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin máa ń kó ìfura bá mi ju èyí tí ó yàtọ̀ ní ibi méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ọ̀nà kejì: ìpele-ìpele, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àti ìdánwò

Ìlànà tí Beaton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé, ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sún mọ́ ọn. Atúmọ̀ méjì ni yóò ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan mọ ohun tí ìwé náà ń wọ̀n, èkejì kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní ìmọ̀ ìṣègùn. Olùkọ́ Yorùbá tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò dára fún ipò kejì yìí, nítorí etí àwọn ará ilé ni ó fi ń kọ̀wé. Wọn yóò pàdé, wọn yóò sì so ẹ̀dà méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ènìyàn méjì mìíràn yóò tú u padà. Ìgbìmọ̀ tí gbogbo wọn àti dókítà àti onímọ̀ èdè wà nínú rẹ̀ yóò wá jókòó lé e lórí, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dán an wò lára ènìyàn 30 sí 40.

Ní ọ̀nà yìí, ìtúpadà kì í ṣe adájọ́, ẹlẹ́rìí kan láàárín àwọn ẹlẹ́rìí ni. Bí ó bá mú “tẹ́lẹ̀” padà wá nínú ìbéèrè kìíní, ìgbìmọ̀ yóò bèèrè bóyá ìyàtọ̀ náà ń pa èrò run tàbí ó ń gbà á là. Èrò tèmi ni pé ó ń gbà á là, nítorí pé ìyípadà ni àwọn dókítà ń wá nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ lè sọ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì láti ọdún márùn-ún kì yóò mọ èyí tí “tẹ́lẹ̀” ń tọ́ka sí. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí a fi yan èyí tí a yàn. Mo gba ìgbìmọ̀ níyànjú láti ní ojú ìwé kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀dà méjèèjì, ẹ̀dà àpapọ̀, ìtúpadà, ìpinnu àti ìdí rẹ̀ yóò wà lórí rẹ̀.

Ìdánwò ni ó ń jẹ owó jù níbí, òun náà sì ni ó ń sanwó rẹ̀ padà. Kì í ṣe pé kí a kàn fún ènìyàn ní ìwé kí a gba máàkì. Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, a ó ní kí ẹni náà fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́, kí ó sì fún wa ní àpẹẹrẹ ọjọ́ kan tí ohun náà ṣẹlẹ̀. “Ṣé ó yé yín?” kò wúlò rárá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ni àgbàlagbà máa ń dáhùn kí ojú má baà ti ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè kẹjọ. Bí bàbá kan bá mú máàkì 2, tí a ní kí ó fún wa ní àpẹẹrẹ, tí ó sì sọ pé òun kì í pariwo mọ́ ènìyàn, a ti mọ̀ pé ìwà ni ìbéèrè náà wọ̀n. A lè wá yí i sí “Ara yín wúwo débi pé ìrìn yín tàbí ọ̀rọ̀ yín ń fà nílẹ̀, tí àwọn tí ó wà nítòsí fi lè ṣàkíyèsí”, kí a sì tún dán an wò lára àwọn mìíràn. Ìlànà tèmi ni pé bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó ṣì ọ̀nà, ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀.

Níbi ìdánwò náà ni a ti máa ń rí i pé kì í ṣe àwọn ìbéèrè nìkan ni ó ní ìṣòro. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń sọ nípa ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fẹ́ kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín “ọjọ́ mélòó kan” àti “ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ”. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye: ọjà ọrọọrún tí ìṣirò àwọn bàbá wa ń pè ní ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ni ó jẹ́ ní ìṣirò ti ìwé. Níwájú àgbàlagbà tí ó ṣì ń fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́, “ọ̀sẹ̀” fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a dárúkọ ọjọ́ tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, bí àpẹẹrẹ, “láti ọjọ́ Ajé tí ó ṣáájú ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá títí di òní”, kí a sì to òkúta mẹ́rìnlá sílẹ̀ níwájú ẹni tí ìdajì kò bá yé, kí ó pín in. Bákan náà ni ìbéèrè keje, tí ó fi ìwé ìròyìn kíkà àti tẹlifíṣọ̀n wíwò ṣe àpẹẹrẹ ìfọkànsí. Ẹni tí kò kàwé lè ka owó ọjà tàbí gbọ́ ìwàásù láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń rìn lọ, àwọn wọ̀nyí sì lè rọ́pò tiwọn láìba èrò jẹ́.

Ní ti ìbéèrè kẹsàn-án, ìdánwò máa ń fi hàn pé “ayé sú mi” ni ó sún mọ́ apá kìíní rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ti gbòòrò jù, nítorí pé ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kò pé náà lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì jẹun alẹ́ rẹ̀ tán. Èyí tí èmi yóò gbé síwájú ìgbìmọ̀ ni “Ó ń wá sí yín lọ́kàn pé ì bá sàn fún yín bí ẹ bá ti kú, tàbí pé kí ẹ ṣe ara yín léṣe lọ́nà kan”. “Fún yín” ni ó yọ òwe kúrò níbẹ̀, nítorí pé ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹni tí ń dáhùn dípò ọ̀rọ̀ ìlànà. “Ṣe ara yín léṣe” sì ń dín ewu “pa ara yín” kù. Ó yẹ kí a tún mọ̀ pé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní abala 327 rẹ̀, ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó dákẹ́ lórí ìbéèrè yìí lè jẹ́ pé ọlọ́pàá ni ó ń bẹ̀rù, kì í ṣe pé ìbéèrè kò yé e. Kò sí ìtúmọ̀ tí ó lè wo ìyẹn sàn. Ẹni tí ń bèèrè ni ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò rí ìdáhùn náà àti ẹni tí kò ní rí i.

Àléébù ọ̀nà yìí kò kéré. Ó lè gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ́ ènìyàn tí ó tó mẹ́jọ yàtọ̀ sí àwọn tí a dán an wò lára wọn. Ìgbìmọ̀ tún ní àìsàn tirẹ̀: nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà bá ti sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ yóò ní “ẹ ṣeun, sà”, Yorùbá ìjìnlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kò lè kà jáde yóò sì wọ inú ìwé. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí olúkúlùkù kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pàdé, kí alága sì jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò sọ tirẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: ìgbìmọ̀ láìsí ìtúpadà

Àwọn onímọ̀ ìwádìí ní Yúróòpù, Harkness ni a sì máa ń dárúkọ jù nínú wọn, fi ìtúpadà sílẹ̀ pátápátá. Atúmọ̀ méjì ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n jókòó pẹ̀lú alátùn-únyẹ̀wò láti jíròrò gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan tí a yàn sì ṣe ìpinnu níbi tí ẹnu kò bá ti kò. Wọ́n dán an wò, wọ́n sì kọ gbogbo ìpinnu sílẹ̀.

Owó tí à bá fi san àwọn atúpadà yóò lọ sí ìdánwò, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ó ti wúlò jù. Yorùbá tí ó máa ń jáde níbẹ̀ dára, nítorí kò sí ẹni tí ń kọ ọ́ kí ó lè padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìfarapa. Wọn yóò mú “jẹ́jẹ́” àti “díẹ̀” láàárín wákàtí kìíní. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé wà lórí àwọn tí ó jókòó nínú yàrá. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tí ó lọ sí yunifásítì, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò wọ etí ará Èkìtì, bí kò ṣe pé ìdánwò dé ibẹ̀. Olùdarí tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní ohun tí yóò fi yẹ iṣẹ́ wò, àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn kan sì ṣì máa ń bèèrè ìtúpadà kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà kẹrin: ẹ̀dà tí ó ti wà nílẹ̀

Owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo wọn lọ, kò sì burú bí ìwé àkọsílẹ̀ bá tẹ̀lé e. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni ọ̀nà tí wọ́n gbà túmọ̀ rẹ̀, irú ẹni tí wọ́n dán an wò lára wọn, àti bóyá ohùn ni wọ́n fi bèèrè tàbí ìwé. Bí ẹni tí ó ni ẹ̀dà náà kò bá lè dá wa lóhùn lórí èyí, kí a ka ìbéèrè mẹ́ta tí mo mú lókè yìí nínú rẹ̀. “Díẹ̀”, “jẹ́jẹ́” àti “ikú sàn” yóò sọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ààlà máàkì ni ó máa ń fa àṣìṣe jù níbí. Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán PHQ-9 wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, máàkì 10 sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún mímọ ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó le láàárín wọn. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Kò tọ́ kí a gbé 10 náà lé orí ìyá arúgbó tí nọ́ọ̀sì ń ka Yorùbá fún ní ilé ìwòsàn abúlé, kí a tó fi àyẹ̀wò dókítà wé e lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sí ọ̀nà kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó lè ṣe é. Ní ọdún 1963, ìwádìí tí àwọn Leighton àti Lambo ṣe láti Aró ní Abẹ́òkúta fi hàn pé àwọn ará abúlé mọ àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì dáadáa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Nítorí náà kò yẹ kí a kọ “ìsoríkọ́” gàdàgbà sí orí ìwé, kí ẹni tí yóò dáhùn má baà rò pé a ti sọ àìsàn náà di tirẹ̀. Bákan náà, orí tí ń gbóná, àyà tí ń já, àti nǹkan tí ń rìn lára, tí àwọn ènìyàn wa máa ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, kò sí nínú ìbéèrè mẹ́sàn-án náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n lè bèèrè wọn lójú ìwé ọ̀tọ̀, láìfi máàkì wọn kún 27. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ìpìlẹ̀ ìwé rẹ̀ ní láti kọ ìwé tuntun láti inú ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn fúnra wọn, bí Patel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe fún èdè Ṣónà ní Sìmbábúwè ní àárín ọdún 1990 sí 1999. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyẹn, kì í ṣe ìtúmọ̀.

Ta ni kí ó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tí àkókò rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́rin lọ kò gbọdọ̀ dúró lórí ọ̀nà kìíní nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó sábà máa ń yàn. Kí ó wá ẹ̀dà tí ó ní àkọsílẹ̀, kí ó sì ní kí ènìyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti inú àwọn tí yóò dáhùn fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún un. Bí kò bá rí ẹ̀dà kankan, kí ó mú ọ̀nà kẹta pẹ̀lú atúmọ̀ méjì àti olùkọ́ rẹ̀, bí olùkọ́ náà bá gbọ́ Yorùbá.

Ẹgbẹ́ olùwádìí tí ó fẹ́ sọ iye àwọn tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ní ìpínlẹ̀ kan, tàbí tí ó fẹ́ fi Yorùbá wé èdè mìíràn, gbọ́dọ̀ lọ sí ọ̀nà kejì, kí ó sì ya owó sọ́tọ̀ fún fífi máàkì wé àyẹ̀wò dókítà. Bí owó kò bá tó, kí ó dín atúpadà kù sí ẹnì kan, kí ó má ṣe dín àwọn tí yóò dán an wò lára wọn.

Ilé ìwòsàn tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ó kàn fẹ́ mọ ẹni tí ó yẹ kí dókítà rí, yóò jèrè jù nínú ọ̀nà kẹta, kí nọ́ọ̀sì tí yóò máa ka ìwé náà sì wà lára ìgbìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ aboyún àti abiyamọ nìkan ni wọ́n ń rí, kí wọ́n wo ìwé ìbéèrè Ẹdinbọ́rọ̀ ti ọdún 1987 dípò PHQ-9, nítorí pé kì í bèèrè nípa àárẹ̀ àti oúnjẹ tí oyún àti ọmọ tuntun ń yí padà fúnra wọn. Ìbéèrè mẹ́wàá ni ó ní, ọjọ́ méje ni ó ń bèèrè nípa rẹ̀, ìbéèrè kẹfà rẹ̀ sì jẹ́ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fún ìgbìmọ̀ ní iṣẹ́ tó.

Ọ̀nà yòówù kí a yàn, ẹni tí ó bá mú máàkì kan péré lórí ìbéèrè kẹsàn-án nígbà ìdánwò ti di aláìsàn wa ní ọjọ́ náà, kì í ṣe olùdánwò ìtúmọ̀ mọ́. Kí ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ tó pé, orúkọ ẹni tí yóò rí i àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ olúkúlùkù tí ń bèèrè ọ̀rọ̀.